Ọṣẹ Tó Ń Làágùn

Nígbà òjò, bí mo bá ṣí ìdérí ike ọṣẹ dúdú, tí mo rí omi tó sẹ̀ wẹ́wẹ́ sójú rẹ̀ bí òógùn iwájú orí, Màmá ni mo máa ń rántí. Kì í ṣe àwọn ló bí mi. Ìyá àgbà kan ni wọ́n, tí wọ́n ń se ọṣẹ lẹ́yìn ilé wọn ní Ọ̀tà, tí wọ́n sì ń tà á lórí tábìlì kékeré kan lẹ́bàá títì Ìdí-Ìrókò. Wọn ò mọ̀wé kà. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lónìí, ìyẹn kíkọ ọ̀rọ̀ tó ń bá ọṣẹ lọ, èyí tí oníbàárà máa ń kà kó tó sanwó.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń se ọṣẹ. Ẹni tó bá wà nínú iṣẹ́ yìí mọ eérú, ó mọ àdín, ó mọ ìgbà tó yẹ kí iná dínkù. Mi ò sì ní dúró lórí orúkọ ọjà, ìwọ̀n, ohun tí a fi ṣe é, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò parí. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà lára ọṣẹ, ọ̀rọ̀ sì tán lórí ìyẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi. Màmá ò fún un lórúkọ kankan. Èmi ni mò ń pè é ní gbólóhùn àléébù.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ta ọjà lórí Wásáàpù, mo kọ ọ̀rọ̀ kan tí inú mi dùn sí gan-an: “Ọṣẹ dúdú àràmàǹdà, ẹ̀bùn àwọn baba ńlá wa, tí yóò jẹ́ kí awọ ara rẹ máa dán bí ọjọ́ tí wọ́n bí ọ.” Oníbàárà kan ní Èkó ra méjìlá. Inú oṣù Keje ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ kẹrin, ó fi gbogbo rẹ̀ rán awakọ̀ padà. Ó ní ọṣẹ ti bàjẹ́, ó ti ń yọ omi, ó sì ti rọ̀ bí ẹ̀bà tó gba omi jù.

Mo gbé àpò náà lọ bá Màmá, mo rò pé a jọ máa bínú sí obìnrin náà ni. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Kò sóhun tó ṣe ọṣẹ.

“Kí lo sọ fún un nípa rẹ̀?”

Mo ka ohun tí mo kọ sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ dópin.

“O ò sọ fún un pé ó ń làágùn.”

“Màmá, ta ló máa ra ọṣẹ tí ẹ bá ní ó ń làágùn?”

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí n fa àpótí kan, kí n jókòó ti tábìlì títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nǹkan bí aago márùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé iṣẹ́ dé láti apá Ṣàngó, ọ̀pọ̀ wọn ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Obìnrin kan mú ọṣẹ, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ojú rẹ̀ sì yí díẹ̀. Kó tó lanu, Màmá ti sọ̀rọ̀: “Ó rọ̀, àbí? Eérú inú ẹ̀ ló ń pe omi. Kò bàjẹ́. Ẹ bu díẹ̀ lò, kí ẹ dé ìyókù.” Ojú obìnrin náà tú ká. Ó ra méjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn ju ìgbà mẹ́wàá lọ, wọn ò sì fi kún un, wọn ò yọ kúrò nínú rẹ̀.

Mo ti tú ọ̀rọ̀ kékeré yẹn palẹ̀ láìmọye ìgbà láti ọjọ́ náà. Ohun tí ọwọ́ oníbàárà ti bá pàdé ni Màmá fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohun tí àwọn fẹ́ kó gbà gbọ́. Ìdí rẹ̀ ló tẹ̀lé e kíákíá. Òótọ́ sì ni ìdí náà: ọṣẹ tí a fi omi eérú èèpo kókó sè máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí kì í fi í le gbagidi bí ọṣẹ tí a fi kọ́síìkì sódà ṣe. Lẹ́yìn ìdí ni ìdájọ́, ọ̀rọ̀ méjì péré: “Kò bàjẹ́.” Ìtọ́jú ló wá gbẹ̀yìn, kí ọwọ́ oníbàárà lè rí nǹkan ṣe. Bí ẹ bá yọ ìdí kúrò, àwáwí ni yóò jọ. Bí ẹ bá yọ ìtọ́jú, ẹ ti fi ìṣòro lé e lọ́wọ́, ẹ sì ti lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún ọ̀rọ̀ mi kọ. Bó ṣe wá rí nìyí: “Ọṣẹ dúdú tí a fi àdín, eérú èèpo kókó àti òrí sè. Ó rọ̀, ó sì máa ń làágùn nígbà òjò, nítorí eérú inú rẹ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ bu èyí tó tó èkùrọ́ kan fún ìwẹ̀ kan, kí ẹ fi ìyókù sínú ike tó ní ìdérí. Ó máa ń ta ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá àti ojú egbò, ẹ má fi kàn án.” Iye owó ló tẹ̀ lé e.

Nígbà tí mo ka èyí fún Màmá, ohun kan péré ni wọ́n rí wí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló sì kàn. Nínú èyí àkọ́kọ́, mo ti kọ “awọ ara rẹ”. Wọ́n ní, “Ìwọ àti oníbàárà, ẹgbẹ́ ni yín? ‘Ẹ’ ni kó o máa pè é.” Títí di òní, bí mo bá rí ọ̀rọ̀ ìpolówó tó ń pe ẹni tí kò mọ̀ rí ní “ìwọ”, ó máa ń gún mi létí. Ẹni tí a bá ń sọ àléébù ọjà wa fún, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún un.

Ibi tí gbólóhùn náà jókòó sí ṣe pàtàkì gan-an. Mo ti fi sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá rí, àwọn èèyàn sì sá, nítorí wọn ò tíì mọ ohun tí a ń tà kí a tó máa sọ ohun tó ṣe é. Mo ti fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn iye owó, ó sì wá jọ ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ kí a lè rí ohun wí lọ́jọ́ ìjà. Ààyè rẹ̀ ni lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti mọ ohun tó jẹ́, kí ó tó gbọ́ iye tó jẹ́. Lórí fóònù pàápàá, ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí gbólóhùn àkọ́kọ́ kúrú, kí èkejì lè wọlé pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan ti rí mi, wọ́n sì ti ń ṣe ayédèrú gbólóhùn náà. Wọ́n á kọ pé, “Àléébù ọṣẹ wa ni pé ó dára jù, ẹ ò ní lè fi í sílẹ̀.” Èyí kì í ṣe àléébù, ìyangàn ni, oníbàárà sì mọ̀. Àléébù tó yẹ ní kíkọ ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa fojú rí tàbí fọwọ́ kàn láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, mo máa ń fún èèyàn mẹ́ta tí wọn ò rí ọṣẹ náà rí, mo sì máa ń dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni mo ń kọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni mo ń lò. Èèyàn mẹ́ta ní “ó rọ̀”, kò sẹ́ni tó ní “ó múlọ́múlọ́”, nítorí náà “ó rọ̀” ni mo kọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọṣẹ òyìnbó tí à ń gé wá, èyí tí a fi àdín àgbọn àti kọ́síìkì sódà ṣe. Lọ́jọ́ tí a gé e, mo gbé ọ̀kan sórí ìwọ̀n, ó jẹ́ gíráàmù 160. A tò ó sórí pẹpẹ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, gíráàmù 140 ni. Omi ló lọ, ọṣẹ ṣì wà níbẹ̀, ó tún le sí i, kì í sì í tètè yọ́ mọ́. Ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nígbà náà fẹ́ kí a kọ 160. Màmá ní kí a kọ 140. A sì kọ ọ́ báyìí: “Gíráàmù 140. Ó kéré sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí a gé e, nítorí a ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbẹ omi inú rẹ̀, kí ó má baà yọ́ ní balùwẹ̀ yín.” Kí a tó kọ èyí, “Ó kéré o” ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tó bá rà á. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá bóyá èyí tí àwọn fẹ́ rà ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń ra ọṣẹ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe tán, tí wọ́n ń yọ́ ọ, tí wọ́n ń da aró dúdú sí i, tí wọ́n sì wá ń jí ọ̀rọ̀ wa kọ sí i. Mo ti rí gbólóhùn Màmá, “ó máa ń làágùn nígbà òjò”, lára ọṣẹ tó le bí òkúta, tó sì dúdú kirikiri bí èédú. Ọṣẹ dúdú gidi kì í dúdú báyẹn, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, kò sì dọ́gba yíká. Bí ìfófòó ọṣẹ bá sọ tówẹ̀lì funfun yín di dúdú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aró ni ẹ rà. Àwọn kan náà ló ń kọ pé ọṣẹ wọn ń wo làpálàpá àti èékánná jíjẹrà. Màmá ò lo “wò” fún ọṣẹ rí. “Fọ̀” àti “wẹ̀” ni ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó bá ní ọṣẹ òun ń wosàn, oògùn ló sọ pé òun ń tà, ìyẹn sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Gbólóhùn àléébù ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí omi eérú bá pọ̀ jù fún òróró, ọṣẹ á máa jẹ awọ. Màmá máa ń fi orí ahọ́n kan ọṣẹ tuntun díẹ̀ kó tó kúrò nílé ìdáná. Tó bá ta wọ́n bí ìgbà tí nǹkan gún ahọ́n, wọ́n á gbé e padà sórí iná. Nígbà kan tí mo nílò owó, mo bẹ̀ wọ́n pé kí á tà á bẹ́ẹ̀, mo ní mo lè kọ pé “ó lágbára”. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ìyẹn kì í ṣe àléébù, ọmọ mi. Ìpalára ni. Kò sí ọ̀rọ̀ tí a máa kọ sí ìyẹn.”

Màmá ti kúrò nídìí tábìlì báyìí. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ọmọ wọn ló sì ń se ọṣẹ. Oníbàárà Èkó tó dá méjìlá padà lọ́jọ́sí, mo fi ọ̀rọ̀ tuntun náà ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ó kà á, ó ní kí n kó méjìlá rẹ̀ padà wá, kí n fi ike tó ní ìdérí kún un.