Ìwé Tí Kò Sọ Òótọ́: Lámèyítọ́ Dátà Ẹ̀yáwó Jámánì àti Bí Ayánilówó Ṣe Lè Yẹ Máàkì Rẹ̀ Wò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ àkójọ dátà kan tí àwọn olùkọ́ àti olùwádìí ti ń lò láti ọdún pípẹ́ láti fi kọ́ kọ̀ǹpútà bí a ṣe ń fún ayáwó ní máàkì. Àbá wa ni pé ìṣègbè tí ó wà nínú máàkì ẹ̀yáwó kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láti inú ìṣirò. Inú ìwé tí a kó fún ẹ̀rọ láti kà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ibi ìwé yìí ni ó yẹ kí ọ́dítì ayánilówó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan ìṣirò. A fi àpẹẹrẹ kan tí a fọwọ́ ara wa gbé kalẹ̀ ṣàlàyé ìgbésẹ̀ náà.

1. Ìfáàrà

Kí báńkì tó yá ènìyàn lówó, ó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò san án padà. Láyé àtijọ́, òṣìṣẹ́ báńkì ni yóò jókòó ti ẹni náà, tí yóò bi í léèrè, tí yóò sì dájọ́. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó sábà ń fún un ní máàkì. A ó kó ìtàn àwọn tí wọ́n ti yáwó rí fún un: ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn, iye tí wọ́n yá, bí wọ́n ṣe san án tàbí tí wọn kò san án. Ẹ̀rọ yóò wo ohun tí ó so mọ́ sísan àti àìsan, yóò sì fi ìyẹn wọn ẹni tuntun tí ó bá dé. Ẹ̀rọ kò mọ ènìyàn kankan, àfi ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀. Bí ohun tí a kọ bá wọ́, máàkì yóò wọ́.

Àkójọ tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí tí wọ́n ń pè ní German Credit Data. Hans Hofmann ni ó fi í sílẹ̀, ó sì wọ inú ibi ìkó-dátà-sí UCI ní 1994. Ìtàn ẹ̀yáwó 1,000 ni ó wà nínú rẹ̀, láti báńkì kan ní gúúsù Jámánì láàrin 1973 sí 1975. Nínú wọn, 700 ni a kọ pé ó dára, 300 ni a kọ pé kò dára. Nítorí pé ó kéré, tí ó sì rọrùn láti rí gbà, ó di ìwé àkàkọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ni nípa máàkì ẹ̀yáwó, àti fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi hàn bí a ṣe ń wá ìṣègbè láàrin ọkùnrin àti obìnrin nínú rẹ̀. Lílò kejì yìí ni a fẹ́ bá wí.

2. Òpó tí ó sọ ohun tí kì í ṣe

Nínú àkójọ náà, òpó kan wà, ìyẹn ìlà òòró kan nínú tábìlì, tí ó so jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin pọ̀ mọ́ ipò ìgbéyàwó. Kóòdù márùn-ún ni ìwé àlàyé fún un. A91 ni ọkùnrin tí òun àti aya rẹ̀ ti pínyà. A92 ni obìnrin tí ó lọ́kọ tàbí tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti pínyà. A93 ni ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó. A94 ni ọkùnrin tí ó gbéyàwó tàbí tí aya rẹ̀ ti kú. A95 ni obìnrin tí kò tíì lọ́kọ.

Ẹni tí ó bá gba ìwé àlàyé yìí gbọ́ yóò kà 310 obìnrin, gbogbo wọn ní A92, àti 690 ọkùnrin. Nínú 310 náà, 109 ni a kọ pé kò san dáadáa, èyí tí ó jẹ́ bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 690, 191 ni, ìyẹn bí 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí ti ń sọ pé ẹ̀rọ tí ó bá ka ìwé yìí yóò fi obìnrin sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń gbé oògùn rẹ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo A95. Kò sí ènìyàn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ṣé a lè gbà pé nínú 1,000 ìtàn ẹ̀yáwó, kò sí ọmọbìnrin kan tí kò tíì lọ́kọ? Òpó mìíràn tún wà tí ó ń bèèrè bóyá ayáwó jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Gẹ́gẹ́ bí ìwé àlàyé ti wí, 963 nínú 1,000 jẹ́ àjèjì. Báńkì wo ní Jámánì ni ó ń yá àjèjì lówó tó báyẹn, tí ọmọ onílẹ̀ sì jẹ́ 37 péré?

Ulrike Grömping, onímọ̀ ìṣirò ní Jámánì, tọ ipasẹ̀ dátà náà lọ sí orísun rẹ̀, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Ohun tí ó rí ni pé ìwé àlàyé ni kò bá dátà mu. Ti àjèjì doríkodò: 37 náà ni àjèjì. Ní ti òpó kejì, àwọn 92 tí a ń pè ní ọkùnrin tí ó gbéyàwó jẹ́ obìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Àwọn 548 tí a ń pè ní àpọ́n ni ọkùnrin tí ó gbéyàwó tàbí tí aya wọn ti kú. Èyí tí ó wá burú jù ni pé A92, tí a rò pé obìnrin nìkan ni ó wà níbẹ̀, da àwọn obìnrin tí ó ti wọlé ọkọ rí pọ̀ mọ́ àwọn ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó. Kò sí bí a ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ìṣirò tí a ṣe lókè yìí kò sọ nǹkan kan nípa obìnrin. Iṣẹ́ tí ó bá sì gbé ìwòsàn kalẹ̀ lórí òpó yẹn ń wo àìsàn ẹni tí kò sí nínú yàrá. Àtúnṣe àkójọ náà wà lárọ̀ọ́wọ́tó báyìí lábẹ́ orúkọ South German Credit, òun sì ni ó yẹ kí a máa fi kọ́ni.

3. Ẹjọ́ ẹnìkan

Àléébù kejì kì í ṣe ti àkọsílẹ̀. Kódà bí gbogbo kóòdù bá tọ̀nà, àwọn tí báńkì yá lówó nìkan ni ó wà nínú ìwé náà. Ẹni tí báńkì lé padà ní 1974 kò ní ìtàn sísan tàbí àìsan, nítorí kò gba owó. Àwọn àgbà sì wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Bí òṣìṣẹ́ báńkì bá ti ń lé àwọn oníṣòwò ọjà padà láti ọdún mẹ́wàá, ẹ̀rọ tí ó ka ìwé rẹ̀ yóò rí oníṣòwò díẹ̀ péré. Kò ní lè kọ́ ohun tí ó ń ya oníṣòwò tí ń san sọ́tọ̀ sí èyí tí kì í san. Ohun tí ó kọ́ lára òṣìṣẹ́ oṣù ni yóò fi wọ̀n wọ́n. Nígbà tí ó bá sì lé wọn padà, ìwé ọdún tó ń bọ̀ yóò tún ṣàìní wọn. Báyìí ni ìdájọ́ àná ṣe ń di ẹ̀rí ọ̀la.

4. Bí ayánilówó ṣe lè yẹ máàkì rẹ̀ wò

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ayánilówó kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń fún ènìyàn ní máàkì, tí ó sì ń yá ẹni tí ó bá gba 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lówó. Àwọn iye tí a ó lò kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní kò ní ìṣirò nínú. Kí ayẹ̀wé-wò fa fáìlì 30 jáde láìṣẹ̀ṣà, kí ó gbé ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí ayáwó fọwọ́ sí. Kí ó wá kóòdù tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀, àti èyí tí ó kó gbogbo ènìyàn mọ́ra. A95 àti 963 yẹn ìbá ti ta ènìyàn lólobó ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kíka àwọn tí ó rí owó gbà. Ká ní 1,000 ènìyàn ni ó bèèrè: òṣìṣẹ́ oṣù 600, oníṣòwò 400. Òṣìṣẹ́ oṣù 420 rí gbà, ìyẹn 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Oníṣòwò 180 rí gbà, ìyẹn 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi 70 pín 45, a ó rí 0.64. Ìlànà kan wà láti Amẹ́ríkà, tí a kọ ní 1978 fún ìgbanisíṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ń yá lò níhìn-ín: bí èsì bá kéré ju 0.8 lọ, kí a wádìí. Wádìí ni ó wí, kò wí pé ẹ̀bi ti dá. Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ ni àwọn oníṣòwò náà kì í san tó.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni yóò sọ èyí fún wa. Kí ayẹ̀wé-wò mú àwọn tí máàkì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ẹnu ààlà, láti 600 sí 649, kí ó wo bí wọ́n ṣe san. Ká ní òṣìṣẹ́ oṣù 100 wà níbẹ̀, 85 sì san. Ká ní oníṣòwò 60 wà níbẹ̀, 57 sì san, ìyẹn 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Máàkì kan náà ni, ṣùgbọ́n oníṣòwò ń san ju òṣìṣẹ́ oṣù lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí oníṣòwò tó rí 600 gbà, ó ní láti dára ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ń bù ú kù. Ìṣègbè nìyẹn, ẹ̀rí rẹ̀ sì hàn kedere.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni wíwá òpó tí ó fà á. Ó lè má sí òpó tí a kọ "oníṣòwò" sí nínú ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n bí òpó kan bá ń bèèrè bóyá iye kan náà ń wọ àkáǹtì lóṣooṣù, aṣojú iṣẹ́ oṣù ni òpó yẹn. Owó oníṣòwò ń wọlé lójoojúmọ́, èyí tí ó sì ń dá fún alájọ kò hàn ní báńkì rárá. Kí a yọ òpó náà, kí a tún ẹ̀rọ kọ́, kí a sì fi ìtàn ẹ̀yáwó oṣù mìíràn tí ẹ̀rọ kò tíì rí dán an wò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni gbígbọ́ ẹnu ẹnìkejì. Nínú àwọn tí máàkì wọn wà láàrin 550 sí 599, kí ayánilówó fi ìbò mú díẹ̀, kí ó yá wọn ní owó kékeré tí ó lè fara mọ́ bí wọn kò bá san. Òun nìkan ni ó lè kọ ìtàn àwọn tí a ti ń lé padà sínú ìwé.

5. Ibi tí àyẹ̀wò yìí mọ

Àwọn ayánilówó kan máa ń sọ pé àwọn kì í bèèrè bóyá ẹni jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, nítorí náà àwọn kò lè ṣègbè. Ọ̀rọ̀ òpó aṣojú ti dá èyí lóhùn. Ẹni tí kò kọ ọ̀wọ́ ènìyàn sílẹ̀ kò tilẹ̀ lè ṣe ìgbésẹ̀ kejì. Ohun tí ó tọ́ ni kí a kọ ọ́ síbi tí ẹ̀rọ kò ti ní rí i, kí ó wà fún ayẹ̀wé-wò nìkan.

Bákan náà, iye kékeré ń tanni jẹ. Bí oníṣòwò tí ó wà lẹ́nu ààlà bá jẹ́ 20, ẹyọ ẹnìkan tí kò san yóò yí èsì padà pẹ̀lú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ayẹ̀wé-wò dúró de oṣù mélòó kan sí i kí ó tó dájọ́.

6. Ìkádìí

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023, ní abala 37, fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe wà lábẹ́ ìpinnu ńlá tí ẹ̀rọ nìkan ṣe, àfi nínú àwọn ipò tí òfin náà yọ sílẹ̀. Kódà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ó lè ní kí ènìyàn dá sí ọ̀rọ̀ òun, kí ó sì tako ìpinnu náà. Ṣùgbọ́n báwo ni oníṣòwò ṣe fẹ́ tako máàkì tí ẹni tí ó fún un kò mọ ohun tí kóòdù inú rẹ̀ túmọ̀ sí? Ọdún 25 ni A95 fi wà lófìfo lójú gbogbo wa kí àbájáde Grömping tó jáde. Ohun tí a dámọ̀ràn fún kíláàsì wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ka iye ènìyàn tí ó wà nínú kóòdù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ ẹni tí kò sí níbẹ̀, kí a tó gbà fún un láti tẹ ìlà ìṣirò kan ṣoṣo.