Ibi Tí Lẹ́ńsì Ti Ń Ríran Jù

Ìyẹ́ adìẹ ni aládìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń tì bọ inú ẹ̀kọ tí ó fi ya ọnà sára aṣọ. Nínú ọnà Ìbàdàndùn, tí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, àwọn ìlà kan tín-ín-rín débi pé bí wọ́n bá fi lè dàpọ̀ nínú fọ́tò, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá aládìrẹ ti sọnù nìyẹn. Mo ti jókòó ti obìnrin ayàwòrán kan tó ń ya irú aṣọ báyìí fún ìwé. Bí ó ṣe ń wá ibi tí lẹ́ńsì rẹ̀ ti ń ríran jù ló wú mi lórí.

Ó ta aṣọ náà mọ́ ògiri kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ṣáájú ohunkóhun mìíràn, ó mú dígí pẹlẹbẹ kékeré kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín aṣọ, ó wá fojú sí kámẹ́rà. Ó ń yí orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́ńsì fi rí òjìji ara rẹ̀ ní àárín gbùngbùn àwòrán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà kò dojú kọ aṣọ gún régé, igun kan yóò sì jìnnà ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ló ṣe fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ó fẹ ojú ìlà kan lójú kámẹ́rà kó tó fọwọ́ yí lẹ́ńsì.

Lẹ́ńsì 50mm ni, èyí tí ihò rẹ̀ ń ṣí dé f/1.8. Nọ́ńbà yìí ni a fi ń pín 50mm náà kí a tó mọ bí ihò ṣe fẹ̀ tó: ní f/8, ihò náà kò ju 6 mìlímítà àti díẹ̀ lọ, ní f/22, ó ti di 2 mìlímítà àti díẹ̀. Ó ya aṣọ kan náà ní f/1.8, f/2.8, f/4, títí dé f/22. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá dín ìmọ́lẹ̀ ihò kù sí ìdajì, ó ń sọ àkókò di ìlọ́po méjì, kí gbogbo fọ́tò lè mọ́lẹ̀ bákan náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan kámẹ́rà nígbà tó ń yà. Kámẹ́rà ló ń ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì fúnra rẹ̀, nítorí gbígbọ̀n díẹ̀ lè jọ àléébù lẹ́ńsì.

Orí kọ̀ǹpútà ni ojú rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́. Ní f/1.8, àárín aṣọ dà bí ẹni pé wọ́n da ìkùukùu fẹ́lẹ́ bò ó, igun sì fà gùn. Etí gíláàsì kì í darí ìmọ́lẹ̀ síbi tí àárín rẹ̀ ń darí rẹ̀ sí; bí ihò bá ń kéré, etí yẹn kò ní ráyè mọ́. Ní f/5.6, àárín ti mú dé góńgó. Ní f/8, igun náà bá a dọ́gba.

Láti f/11 lọ, bàìbàì mìíràn dé. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò kọjá máa ń tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní etí rẹ̀, bí ihò bá sì ṣe kéré tó ló ṣe ń tàn tó. Bí ó ti wù kí gíláàsì dára tó, kámẹ́rà kò lè rí àmì kan bí àmì gan-an. Àyíká roboto kékeré ló ń rí. Ní f/8, ìbú àyíká yẹn tó nǹkan bíi 0.011 mìlímítà, ní f/22, ó di nǹkan bíi 0.030. Píkísẹ́lì kan lórí kámẹ́rà tirẹ̀ jẹ́ 0.006. Ní f/22, àmì kan ṣoṣo ti tàn dé píkísẹ́lì márùn-ún ní ìbú.

Bí ó ṣe ń fìyàtọ̀ sáàárín bàìbàì méjèèjì ni mo gbádùn jù. Ti gíláàsì máa ń le sí i níbi igun. Ti ihò tó kéré jù kì í ṣojúsàájú: àárín àti igun rọ̀ bákan náà, kò sì síbi kankan nínú fọ́tò tó mú. Bí ó bá ṣe igun kan ṣoṣo ló rọ̀ ní f/8, tí dígí sì ti jẹ́rìí pé kámẹ́rà dúró gún, gíláàsì inú lẹ́ńsì ló yẹ̀ nípò.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bi í pé, “Ọ̀gá, ẹ ò ṣe yà á ní f/16, kí gbogbo rẹ̀ lè hàn?” Ó dáhùn pé, “Aṣọ tó tẹ́ sára ògiri, kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mo fẹ́ kó hàn?” Òótọ́ ni. Ìkòkò tàbí ère tó ní iwájú àti ẹ̀yìn lè nílò f/16, a ó sì fara mọ́ ìrọ̀ díẹ̀ náà. Àwọn ayàwòrán bí Edward Weston àti Ansel Adams tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ f/64 sílẹ̀ ní agbègbè San Francisco ní 1932 lè lo ihò tó kéré bẹ́ẹ̀, nítorí fíìmù wọn tóbi. Weston ń tẹ tirẹ̀ sórí bébà láìfẹ̀ ẹ́ rárá. Kámẹ́rà kékeré kò ní àǹfààní yẹn.

F/8 ló fi ya Ìbàdàndùn náà. Lẹ́ńsì tiyín lè sọ pé f/5.6 ni, ẹ dán an wò lára aṣọ tó ní ìlà tín-ín-rín, kí ẹ tó gba iṣẹ́ oníṣẹ́.