Kí O Tó Tún Aago Bọ́kìsì Ṣe, Kọ́kọ́ Kà Á

Nínú gbogbo àìsàn tí àwa tí à ń tún bọ́kìsì Áńdírọ́ìdì ṣe máa ń bá pàdé, ìyẹn bọ́kìsì tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n láti fi wo fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn láti máa tú wò bí àìsàn aago, nítorí pé kì í dárúkọ ara rẹ̀. Wáífáì á so, iná ráútà á máa tàn, fóònù tó wà lórí wáífáì kan náà á máa ṣí fídíò geere, ṣùgbọ́n áàpù orí bọ́kìsì á ní òun kò rí ọ̀nà tó ní ààbò dé ibi tí òun ń lọ. Bí onítọ̀hún bá ṣí búráúsà orí bọ́kìsì náà, ó lè bá `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID` pàdé. Ọ̀rọ̀ ààbò ni ojú tẹlifíṣọ̀n ń sọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn á yí pásíwọ́ọ̀dù wáífáì padà, wọ́n á yọ áàpù kúrò kí wọ́n tún un fi sí i, wọ́n sì lè pa gbogbo ohun tó wà lórí bọ́kìsì rẹ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: aago kò tíì rojọ́ tirẹ̀. Èrò mi ni pé ẹ̀rí ni aago tó ṣìnà jẹ́ fún ẹni tó mọṣẹ́. Bó ṣe jìnnà sí àkókò gidi tó, àti bóyá ó rẹ̀yìn ni tàbí ó ṣíwájú, ló ń sọ ohun tó fà á. Ẹni tó bá kà á kí ó tó fọwọ́ kàn án ni yóò mọ ibi tí iṣẹ́ wà.

Kí áàpù tó lè gba fídíò, kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé-ẹ̀rí han bọ́kìsì pé òun ni òun ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ méjì ló wà nínú ìwé-ẹ̀rí yìí: `notBefore`, ìyẹn ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti `notAfter`, ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Aago UTC ni wọ́n fi kọ méjèèjì, ìyẹn aago kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń tẹ̀ lé, tí aago Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣíwájú rẹ̀. Bọ́kìsì á wá fi aago tirẹ̀ wo ọjọ́ méjèèjì, bí òṣìṣẹ́ ẹnubodè ṣe ń wo ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìrìnnà. Bí kàlẹ́ńdà ògiri òṣìṣẹ́ náà bá ṣì wà ní ọdún 2015, gbogbo ìwé ìrìnnà tí wọ́n ṣe ní 2025 ni yóò dá padà pé àkókò wọn kò tíì tó. Bí kàlẹ́ńdà náà bá ti fò dé 2040, á ní gbogbo wọn ti kú. Ìwé kò ní àbùkù, ẹni tó mú un wá kò purọ́, síbẹ̀ kò ní kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ohun tí aago ń sọ. Bí bọ́kìsì bá ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970 ni òní, kì í ṣe ọjọ́ kan tó ṣèèṣì bọ́ sí. Láti ọjọ́ yẹn ni Áńdírọ́ìdì ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀, nítorí náà òdo ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà nígbà tí iná dé, kò sì tíì sí ẹni tó sọ àkókò gidi fún un. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni, tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ló máa ń padà sí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yọ wáyà rẹ̀ lára iná, ọjọ́ tí àwọn tó ṣe é kọ sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni. Ohun kan náà ni méjèèjì ń jẹ́rìí sí: kò sí bátìrì kékeré nínú rẹ̀ tí yóò máa gbé aago lọ nígbà tí kò bá sí iná. Ní ilẹ̀ wa tí iná ń lọ tó ń bọ̀, bọ́kìsì lè tan kí ráútà tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó ni ín sì ti tẹ áàpù kí aago tó dé. Bí ó bá fi bọ́kìsì sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì tún áàpù ṣí, ó lè má rí àṣìṣe kankan mọ́. Ní ìdàkejì, bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni aago fi ṣìnà, ṣọ̀wọ́n ni kó jẹ́ òun ló fa wàhálà. Let's Encrypt, tó ń fún ọ̀pọ̀ ojúlé ní ìwé-ẹ̀rí, máa ń fi wákàtí kan fa `notBefore` sẹ́yìn, kí aago tó rẹ̀yìn díẹ̀ má baà kọ ìwé tuntun.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni àṣìṣe tó jẹ́ wákàtí gbáko, nítorí ó lè jẹ́ pé ojú tẹlifíṣọ̀n ń fi aago tó péye hàn. Ẹ gbé bọ́kìsì kan tó ti Ṣáínà wá yẹ̀ wò, tí agbègbè aago rẹ̀ ṣì wà lórí Shanghai, tó fi wákàtí 8 ṣíwájú UTC. Aago 13:00 ni nílùú Èkó, bọ́kìsì ń fi 20:00 hàn. Nínú ikùn rẹ̀, kò ṣìnà rárá: 12:00 UTC ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bó ṣe yẹ. Ẹni tó ni ín rí 20:00, ó pa aago aládàáṣe, ó sì fi ọwọ́ kọ 13:00 láìfọwọ́ kan agbègbè. Ojú tẹlifíṣọ̀n bá ti Èkó mu wàyí, ṣùgbọ́n 13:00 ti Shanghai ni bọ́kìsì mọ̀ ọ́n sí, tó túmọ̀ sí 05:00 UTC. Ó ti fi wákàtí 7 rẹ̀yìn. Àwọn áàpù tí ìwé-ẹ̀rí wọn ti lo oṣù kan á ṣí wẹ́rẹ́, nítorí wákàtí 7 kò já mọ́ nǹkan fún wọn. Àmọ́ ká ní áàpù kan gba ìwé-ẹ̀rí tuntun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí `notBefore` rẹ̀ jẹ́ 07:00 UTC, òun nìkan ni yóò kọ̀ láti ṣí. Lẹ́yìn wákàtí 2, nígbà tí bọ́kìsì bá ka 07:00 tirẹ̀, áàpù náà á ṣí fúnra rẹ̀, gbogbo ilé á sì gbà pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe ségesège. Ìdí nìyí tí wíwo aago lójú tẹlifíṣọ̀n kò fi tó. UTC gan-an ni kí a bi bọ́kìsì léèrè láti orí kọ̀ǹpútà:

```
adb shell date -u
adb shell settings get global auto_time
adb shell settings get global ntp_server
```

Ìlà àkọ́kọ́ á sọ UTC tó wà nínú rẹ̀. Bí ìlà kejì bá dáhùn `0`, ẹnìkan ti pa aago aládàáṣe. Ìlà kẹta ń sọ ibi tó ti ń bèèrè àkókò. `null` túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó yí i padà. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè wo agbègbè aago àti aago aládàáṣe ní abẹ́ `Date & time` nínú `Settings`.

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo àyẹ̀wò yìí wà fún, nígbà tó jẹ́ pé kí a ṣáà tan aago aládàáṣe ni ọ̀rọ̀ parí. Lóòótọ́ ni, ó máa ń parí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó sì mú un ṣeé ṣe dùn mọ́ mi: ìbéèrè àkókò tí bọ́kìsì ń gba NTP ṣe kò nílò ìwé-ẹ̀rí, nítorí náà aago tó ti bàjẹ́ pátápátá ṣì lè rí àtúnṣe. Ẹnu ọ̀nà UDP 123 ni ìbéèrè yìí ń gbà. Níbi tí ọ́fíìsì tàbí òtẹ́ẹ̀lì bá ti ti ẹnu ọ̀nà yẹn, aago aládàáṣe á wà ní títàn, ọjọ́ á sì ṣì wà ní 1970. Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ ni kí a fi fóònù ṣe hótíspọ́ọ̀tù fún bọ́kìsì náà. Bí aago bá tò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ráútà tàbí ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí a lọ bá. Ní ti pípa gbogbo nǹkan rẹ́, ó máa ń tan aago aládàáṣe padà lóòótọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ó dà bí oògùn. Ṣùgbọ́n ó tún lè dá agbègbè padà sí Shanghai, tí ẹni tó ni ín á fi tún ọwọ́ bọ̀ ọ́, gbogbo pásíwọ́ọ̀dù áàpù ló sì máa bá a lọ.

Àtakò kejì wúwo ju ìyẹn lọ: bí ìwé-ẹ̀rí bá jẹ́ ojúlówó, kí ló dé tí áàpù kò gbójú fo ọjọ́? Ìdáhùn mi ni pé ọjọ́ wà lára ohun tó sọ ọ́ di ojúlówó. Bí olè bá jí kọ́kọ́rọ́ ojúlé kan, ó lè máa fi ìwé-ẹ̀rí ojúlé yẹn pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́. Ọjọ́ ìparí ló ń fi òpin sí agbára olè náà, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé olè jà. Àwọn tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí àtàwọn tó ń ṣe búráúsà sì ń gé ọjọ́ náà kúrú sí i ni: ní 2020, wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí tuntun kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 398 lọ mọ́; àdéhùn wọn ni kí ó di 200 ní oṣù kẹta 2026, 100 ní 2027, àti 47 ní 2029. Bí ìgbésí ayé ìwé bá ti ń kúrú, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tuntun á máa jáde léraléra, àṣìṣe aago tí kò ṣe nǹkan kan lánàá á sì máa kan áàpù púpọ̀ sí i.

Mi ò wá sọ pé aago ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn Chromecast ìran kejì, tí wọ́n jáde ní 2015, kọṣẹ́ káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ aago kankan kò ṣìnà. Ìwé-ẹ̀rí kan tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ mọ̀, tí wọ́n fún ní ọdún mẹ́wàá, ló kú. Gúgù kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pa ẹ̀rọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Àmì irú èyí ni pé UTC inú ẹ̀rọ péye, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oríṣi kan náà sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dídá aago padà sẹ́yìn láti fi tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ kì í ṣe àtúnṣe, nítorí àwọn áàpù tí ìwé-ẹ̀rí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. A kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé aago kò jẹ̀bi àfi tí a bá ti kọ́kọ́ kà á.

Ìgbà tí a ó kà á ló ṣe pàtàkì jù, torí pé bí aago aládàáṣe bá ti tò, ẹ̀rí ti parẹ́: kò sí ẹni tó tún lè sọ bóyá 1970 ló wà níbẹ̀ tàbí wákàtí 7. Nítorí náà, kọ UTC bọ́kìsì sílẹ̀, kọ ti fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kọ agbègbè tó wà lórí rẹ̀, kí o tó yí ohunkóhun padà lórí rẹ̀. Bí bọ́kìsì náà bá tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwé yẹn ni yóò sọ bóyá iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí ọwọ́ ènìyàn ló ń tì í ṣubú.