Èyí Tó Kúrú Jù Lọ Ni Kí O Mú

Ní ọdún 1976, Heidrun Sarges tẹ ẹ̀rí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Jámánì tí àwọn oníṣirò mọ̀ sí ìwé Crelle. Ojú ewé 2 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ohun tí ẹ̀rí náà sọ kì í ṣe tuntun rárá. David Hilbert ti fi í hàn ní Königsberg kí ọdún 1890 tó parí. Bí Sarges ṣe gbé e kalẹ̀ ni tuntun. Mo ti ka ẹ̀rí tíọ́rẹ́mù Hilbert yìí ní oríṣiríṣi. Àwọn mìíràn gùn, àwọn mìíràn kún fún àmì débi pé ojú á máa wá ibi tí ọgbọ́n gan-an wà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìpinnu kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ ró, gbangba sì ni ìpinnu náà wà.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ odidi nọ́ńbà, àwọn tó ju 0 lọ àti àwọn tó rẹlẹ̀ sí i. A lè ro wọ́n pọ̀, a lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, a lè fi ọ̀kan lọ́po èkejì, odidi nọ́ńbà náà la ó ṣì bá níbẹ̀. Ibi tí a ti lè ṣe nǹkan mẹ́ta yìí láìjáde síta ni wọ́n ń pè ní ríìngì. Nínú ríìngì, àkójọ kan lè wà tó jẹ́ pé bí a bá ro méjì nínú rẹ̀ pọ̀, inú rẹ̀ la ṣì wà, bí a bá sì fi ohunkóhun nínú ríìngì náà lọ́po ọ̀kan nínú rẹ̀, inú rẹ̀ náà la wà. Áídíàlì nìyẹn. Gbogbo ìlọ́po 12 jẹ́ áídíàlì. A máa ń kọ ọ́ báyìí, (12), a sì lè sọ pé 12 ló bí i.

Gbogbo ìlọ́po 12 jẹ́ ìlọ́po 4, nítorí náà (12) wà nínú (4). (4) wà nínú (2), (2) sì wà nínú (1), tí í ṣe gbogbo odidi nọ́ńbà pátá. Ẹ̀wọ̀n áídíàlì tó ń gòkè nìyẹn, ó sì dúró níbẹ̀. Kò sí bí kò ṣe ní dúró, nítorí pé kí á tó lè gòkè láti (12), a gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà tó pín 12 geerege, ìwọ̀nba sì ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí ẹ̀wọ̀n gùn lè bẹ̀rẹ̀ láti 2¹⁰⁰⁰, kí ó máa fi 2 pín in lọ. Kò sí gígùn tí ẹ̀wọ̀n kan kò lè kọjá, síbẹ̀ kò sí ẹ̀wọ̀n kankan tí kò ní dúró. Òkè nìkan ni òfin yìí wà fún o. Bí a bá dorí kọ ìsàlẹ̀, láti (2) sí (4) sí (8) sí (16), ilẹ̀ á ṣú bá wa lójú ọ̀nà.

Ní ọdún 1921 ni Emmy Noether fi òfin ẹ̀wọ̀n agòkè yìí ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ nípa áídíàlì, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn ríìngì tó bá ń pa á mọ́. Ohun kan náà ni láti sọ pé ẹ̀wọ̀n máa ń dúró àti láti sọ pé ìwọ̀nba nǹkan tó lóǹkà ló ń bí áídíàlì kọ̀ọ̀kan. Bí áídíàlì kan kò bá ní ìwọ̀nba tó lè bí i, a ó mú ọ̀kan nínú rẹ̀, a ó mú ìkejì tí ti àkọ́kọ́ kò lè bí, a ó mú ìkẹta tí méjèèjì kò lè bí, ẹ̀wọ̀n náà kò sì ní dúró láéláé. Ní òdìkejì, bí a bá da gbogbo áídíàlì inú ẹ̀wọ̀n kan pọ̀, áídíàlì ńlá kan ni wọn yóò dì. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló bí i, gbogbo wọn yóò ti wà nínú áídíàlì kan lórí ẹ̀wọ̀n náà, ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n á sì ti dúró.

Wàyí o, ká fi lẹ́tà x kún un. Dípò nọ́ńbà lásán, a ti ní pólínómíà, irú bíi 3x² + 2x. Níbí ni ìbẹ̀rù ti wọlé, nítorí pé x, x², x³ kò lópin. Kí ló máa dá ẹ̀wọ̀n dúró kó má gba orí àwọn agbára x wọ̀nyí sá lọ?

Ìdáhùn Sarges rèé. Ká ní R ni ríìngì tí ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ máa ń dúró, ká sì mú áídíàlì kan, I, láàárín àwọn pólínómíà tó jẹ́ pé inú R ni nọ́ńbà wọn ti wá. Gíga pólínómíà ni agbára x tó ga jù nínú rẹ̀. Ohun tó dúró níwájú agbára yẹn la ó máa pè ní olórí rẹ̀. Gíga 3x² + 2x jẹ́ 2, olórí rẹ̀ jẹ́ 3. A ó mú f₁ láti inú I, kí ó jẹ́ èyí tó kúrú jù lọ nínú àwọn tí kì í ṣe 0. Bí f₁ nìkan bá lè bí gbogbo I, iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá lè bí i, a ó mú f₂ láàárín àwọn tí f₁ kò lè bí, kí ó jẹ́ èyí tó kúrú jù láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe mú f₃ láàárín àwọn tí f₁ àti f₂ kò lè bí, títí lọ. Bí àwọn tó kúrú jù bá pọ̀, èyíkéyìí nínú wọn ni ká mú.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn olórí wọn, a₁, a₂, a₃. Inú R ni wọ́n wà, wọ́n sì ń to ẹ̀wọ̀n: (a₁), lẹ́yìn náà (a₁, a₂), lẹ́yìn náà (a₁, a₂, a₃). Sarges ní gbogbo ìgbà tí a bá mú f tuntun, ẹ̀wọ̀n yìí gbọ́dọ̀ gòkè. Ká ní kò gòkè nígbà tí a mú f₃. Á jẹ́ pé a₃ = r₁a₁ + r₂a₂, pẹ̀lú r₁ àti r₂ láti inú R. Ṣùgbọ́n f₃ kò lè kúrú ju f₁ tàbí f₂ lọ, nítorí ká ní ó kúrú jù wọ́n ni, òun ni à bá ti mú ṣáájú. Nítorí náà a lè fi agbára x tó yẹ lọ́po f₁ títí yóò fi ga tó f₃, a sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún f₂. Ká fi r₁ lọ́po ti àkọ́kọ́, ká fi r₂ lọ́po ti ìkejì, ká yọ méjèèjì kúrò lára f₃. Orí f₃ ti bọ́ nìyẹn. Ohun tó kù, g, kúrú ju f₃ lọ, inú I ló sì wà. Ṣé f₁ àti f₂ lè bí g? Rárá, torí bí wọ́n bá lè bí i, wọn ì bá bí f₃ náà. Á jẹ́ pé g tó kúrú ju f₃ lọ wà níbẹ̀ nígbà tí a ń mú, a sì fi í sílẹ̀ mú f₃. Ìyẹn lòdì sí òfin tí a fi ń mú. Nítorí náà ẹ̀wọ̀n àwọn olórí ń gòkè ní gbogbo ìgbà tí a bá mú òmíràn, bẹ́ẹ̀ R kò sì gbà kí ẹ̀wọ̀n gòkè títí láé. Mímú náà gbọ́dọ̀ parí, ìwọ̀nba f tó lóǹkà ló sì bí I. Tíọ́rẹ́mù Hilbert nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìpinnu láti máa mú èyí tó kúrú jù ṣiṣẹ́. Òun ló jẹ́ ká lè gbé f₁ àti f₂ ga tó f₃, òun náà ló sì sọ g di èèwọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nínú áídíàlì tí x bí, ká ní a ṣe àìbìkítà, a mú x³ ṣáájú, a wá mú x². Olórí méjèèjì jẹ́ 1, ẹ̀wọ̀n kò gòkè rárá, bẹ́ẹ̀ x³ kò lè bí x², nítorí pé a kò ní x⁻¹ tí a ó fi lọ́po rẹ̀.

Ká gbé àpẹẹrẹ kan tó ní odidi nọ́ńbà sórí ìwé. Kí I jẹ́ àwọn pólínómíà tí nọ́ńbà àdáwà wọn jẹ́ ìlọ́po 4, tí nọ́ńbà iwájú x wọn sì jẹ́ ìlọ́po 2. Èyí tó wà níwájú x² sókè lè jẹ́ ohunkóhun. Èmi yóò mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí tí kò dáa, ṣùgbọ́n mi ò ní rú òfin kíkúrú. Mo mú 12. Gíga rẹ̀ jẹ́ 0. 12 kò lè bí 8, gíga 8 náà sì jẹ́ 0, nítorí náà mo mú 8. 12 àti 8 ti bí 4, kò sì sí ohun tó kù fún wa ní gíga 0. Ní gíga 1, mo mú 6x + 4. Ní gíga 2, mo mú 3x² + 2x. Àwọn olórí náà ni 12, 8, 6, 3, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n sì tò ni (12), (4), (2), (1). Gbogbo mímú ló gbé e gòkè ní ẹsẹ̀ kan, ó sì kan òrùlé nígbà tó dé (1). Ẹni tó bá fẹ́ lè dán an wò pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bí 4, 2x àti x², èyí tó tó láti bí gbogbo I.

Ti lẹ́tà púpọ̀ ńkọ́? Gbólóhùn kan ló kù. Pólínómíà tó ní x àti y ni pólínómíà nínú y tí àwọn tó dúró níwájú agbára y jẹ́ pólínómíà nínú x. Nígbà tí x kò ba òfin náà jẹ́, ríìngì tó ní x ni a ó fi ṣe R tuntun, y á wọlé, lẹ́yìn náà z. Àwọn olórí kì í ṣe nọ́ńbà mọ́, pólínómíà ni wọ́n, ẹ̀rí náà kò sì béèrè ohun tí wọ́n jẹ́. Nínú áídíàlì tí x², xy àti y² bí, bí a bá ń wo y, àwọn olórí ni x², x, 1. Àtẹ̀gùn kan náà pẹ̀lú 4, 2, 1 ni, àfi pé x ti jókòó síbi tí 2 jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá jẹ́ aláìlóǹkà, x₁, x₂, x₃ lọ láìdúró, òfin ti já nìyẹn: (x₁), (x₁, x₂), (x₁, x₂, x₃) kò ní dúró. Fífi lẹ́tà kún lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè gbé wa dé ibẹ̀.

Ẹ̀rí náà kò sì ṣèlérí pé àwọn tó ń bí áídíàlì kò ní pọ̀. Nínú odidi nọ́ńbà, ẹyọ kan máa ń tó. Ní kété tí a fi x kún un, 8, 4x, 2x² àti x³ bí áídíàlì tí mẹ́ta kò lè bí, a sì lè gbé e lọ sí márùn-ún, sí ẹgbẹ̀rún. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bí a ṣe ń rí f₃. Ó kàn ní ká mú un. Ohun tó dun Paul Gordan nìyí nígbà tí Hilbert gbé tirẹ̀ jáde. Ní 1868, Gordan ti fi ìṣirò tó gùn wá àwọn tó ń bí àwọn ínfáríáǹtì fún lẹ́tà 2, ó fẹ́ rí wọn lójú. Ó kọ́kọ́ takò ó, síbẹ̀ ní 1899 òun fúnra rẹ̀ tẹ ẹ̀rí tuntun jáde fún tíọ́rẹ́mù Hilbert. Ọ̀dọ̀ Gordan yìí náà ni Noether ti gba oyè dókítà ní Erlangen ní 1907, pẹ̀lú iṣẹ́ tó kún fún ìṣirò ọwọ́. Ọ̀nà tí a lè gbà mú àwọn f náà ní tòótọ́, fún lẹ́tà púpọ̀, dúró de iṣẹ́ oyè dókítà Bruno Buchberger ní Innsbruck ní 1965.

Ibì kan wà tí mo máa ń fi dán an wò bóyá ẹ̀rí yìí ti yé ènìyàn. Láti inú àwọn pólínómíà x àti y, ká kó nọ́ńbà lásán, x, xy, xy², xy³ àti gbogbo ohun tí a lè fi àròpọ̀, àyọkúrò àti ìlọ́po rí láti ara wọn. Ríìngì nìyẹn, inú ríìngì tó ń pa òfin mọ́ ló sì wà. Síbẹ̀, nínú rẹ̀, (x), (x, xy), (x, xy, xy²) ń gòkè láìdúró. Ẹ padà síbi tí a ti fẹ́ gbé f₁ ga tó f₃: agbára lẹ́tà la fi lọ́po rẹ̀. Níbí, x kò lè ga tó xy, torí pé y fúnra rẹ̀ kò sí nínú ríìngì náà.