Ọgọ́rùn-ún Tí Wọ́n Pín sí Àádọ́ta

Ní Akówọnjọ, láti Dọ̀pẹ̀mú títí dé Ẹgbẹ́dá, ínfátà tí wọ́n fọwọ́ ṣe kò ṣọ̀wọ́n rárá. Tiransífọ́mà ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ wò. Á gbé e bóyá ó wúwo, á sì béèrè iye fẹ́ẹ̀tì tó wà lára irin tó ń gba ooru. Ibòmíràn ni ojú tèmi ń lọ. Bí oníṣẹ́ bá ti ṣí ìdérí, pátákó kékeré tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ ni mo máa ń wá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu iye ìgbà tí iná á máa yí nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná NẸ́PÀ tiwa ń yí nígbà 50, òun náà ni wọ́n sì ṣe fáànù àti fíríìjì ilé wa fún. Ínfátà tó bá ń fún wọn ní 44 á mú fáànù wọ́ ẹsẹ̀, tiransífọ́mà rẹ̀ á sì máa gbóná kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹrù kankan lé e.

Ọ̀gá kan ládùúgbò náà ló ṣe èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Áísì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń ka ìgbà. Ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn ni NE555, àwọn oníṣẹ́ sì ń pè é ní fáìfù-fáìfù-fáìfù. Hans Camenzind, ọmọ ilẹ̀ Súwísì tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló ṣe àwòrán rẹ̀ ní 1971 fún ilé-iṣẹ́ Signetics, ó sì dé ọjà ní 1972. Ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án ni àwòrán àkọ́kọ́ ní. Lẹ́yìn náà ni Camenzind rí i pé rẹsítọ̀ lásán lè kún kapásítọ̀, pé kò sídìí láti kọ́ apá kan sínú áísì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa rọ iná sí i ní ìwọ̀n kan náà. Ó yọ apá yẹn kúrò, ẹsẹ̀ kan sì dín. Òun ló fi jẹ́ pé rẹsítọ̀ méjì àti kapásítọ̀ kan tó láti pàṣẹ fún áísì yìí lórí tábìlì oníṣẹ́ Akówọnjọ.

Nínú áísì náà, rẹsítọ̀ mẹ́ta tó dọ́gba pín iná bátìrì sọ́nà mẹ́ta. Bí bátìrì bá jẹ́ fóòtì 12, àmì ìsàlẹ̀ á wà ní 4, àmì òkè á wà ní 8. Kapásítọ̀ ìta á máa kún, á sì máa fà, bí omi inú àgbá tí wọ́n fa ìlà méjì sí lára. Bó bá kún dé ìlà òkè, ẹsẹ̀ keje áísì á ṣí ojú ihò, omi á máa jò. Bó bá jò dé ìlà ìsàlẹ̀, ihò á dí, omi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń kún, iná wà ní ẹsẹ̀ kẹta. Ìgbà tó bá ń jò, iná ibẹ̀ á lọ sílẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ rèé. Bátìrì kì í dúró sójú kan. Bó bá kún, ó lè ju 13 lọ. Bí ilé bá ti lò ó títí di òru, ó lè já sí 10.5. Àmọ́ ìlà méjèèjì ń bá bátìrì sọ̀ kalẹ̀: ní 10.5, wọ́n á bọ́ sí 3.5 àti 7. Nígbà tí kapásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ohun tó ṣẹ́ kù kó tó bá bátìrì dọ́gba jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nígbà tó bá dé ìlà òkè, ìdá kan péré ló kù. Ohun tó ṣẹ́ kù ti dín sí ìdajì. Bó bá ń jò náà, láti ìdá méjì sí ìdá kan ló ń lọ, ìdajì náà nìyẹn. Àkókò tí kapásítọ̀ fi ń ṣe ìdajì kì í yí padà, ì báà jẹ́ bátìrì tó kún tàbí èyí tó ti ń kú lọ: 0.693 lọ́nà rẹsítọ̀ lọ́nà kapásítọ̀ ni. Ìdí rèé tí iye ìgbà kì í fi í yẹ̀ bí bátìrì ṣe ń rẹ̀.

Iná tó ń kún kapásítọ̀ ń gba inú rẹsítọ̀ méjèèjì kọjá, RA àti RB. Èyí tó ń jò ń gba inú RB nìkan lọ sí ẹsẹ̀ keje. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣirò rẹ̀ ti wá:

```
t1 = 0.693 × (RA + RB) × C
t2 = 0.693 × RB × C
f  = 1.44 / ((RA + 2RB) × C)
D  = (RA + RB) / (RA + 2RB)
```

t1 ni àkókò tí iná fi wà lókè, t2 ni èyí tó fi wà nísàlẹ̀. f ni iye ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, D sì ni ìpín tí iná wà lókè nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Kapásítọ̀ tí ọ̀gá mú jẹ́ 0.1 µF, èyí tí wọ́n kọ 104 sí lára. Iye ìgbà tó ń wá jẹ́ 100, kì í ṣe 50. Ó pín 1.44 sí 100 lọ́nà 0.1 µF, ó sì rí 144,000, ìyẹn 144k. Ìlọ́po méjì RB pẹ̀lú RA ló gbọ́dọ̀ jẹ́ iye yẹn. Ó mú RB 68k, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 136k. Ó mú RA 8.2k, àpapọ̀ wá di 144.2k. Àkókò òkè jẹ́ 5.28 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 4.71. Bí a bá ro wọ́n pọ̀, 9.99 ni, ìgbà 100 gééré nínú àáyá kan. Rẹsítọ̀ méjèèjì wà nínú páálí ẹnikẹ́ni tó ń ra nǹkan ní Alábà. Kò sí èyí tí wọ́n ń wá kiri.

Ẹ wo 5.28 àti 4.71 yẹn dáadáa, wọn kò dọ́gba. Iná wà lókè ní ìdá 52.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n ti to áísì yìí, kò lè ṣe ìdajì géérégé láé, torí RA kì í sí nínú t2. Fún gílóòbù tó ń ṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tiransífọ́mà ínfátà ni kò ní gbà. Ẹgbẹ́ méjì ló ní, ọ̀kan ń tì í síhìn-ín, èkejì ń tì í sọ́hùn-ún. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń pẹ́ ju èkejì lọ nígbà gbogbo, irin inú rẹ̀ kò ní padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, irin á kún fún agbára òòfà sápá kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, fẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ kan á sì máa gbóná ju ti èkejì lọ.

Ọmọṣẹ́ ọ̀gá bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé a ò kàn ní sọ RA di kékeré ni, kí méjèèjì lè dọ́gba?"

"Bí ẹsẹ̀ keje bá ṣí, ibo ni iná bátìrì ń gbà wálẹ̀? Inú RA náà ni. Fi 47 óòmù síbẹ̀ kó o wò ó."

Fóòtì 12 lórí 47 óòmù jẹ́ ìdámẹ́rin áńpù kan, gbogbo rẹ̀ á sì wọ inú áísì kékeré yẹn. Á gbóná, á kú. Nítorí náà ni ọ̀gá kì í jẹ́ kí RA sọ̀ kalẹ̀ ju 1k lọ, kì í sì í fi pirísẹ́ẹ̀tì nìkan sí àyè RA, kí ẹni tó bá yí i dé òpin má baà pa áísì. Àwọn mìíràn máa ń fi dáyóòdù sọdá RB, kí iná tó ń kún lè gba inú RA nìkan. Ó ń mú méjèèjì sún mọ́ra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dáyóòdù ń jẹ nǹkan bíi fóòtì 0.6 nínú iná náà, 0.6 yìí kì í sì í bá bátìrì sọ̀ kalẹ̀. Bí bátìrì bá ń rẹ̀, àkókò ìkún á yí padà. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ba ohun tó dára jù nínú áísì náà jẹ́.

Ọ̀nà tí ọ̀gá gbà ló mú kí n fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Kò bẹ 555 pé kó pín nǹkan dọ́gba. Ó ní kó kàn ka 100, ó sì gbé e fún áísì mìíràn, CD4013. Ẹsẹ̀ kẹta 555 wọ ẹsẹ̀ kẹta 4013. Ó so ẹsẹ̀ kejì 4013 padà mọ́ ẹsẹ̀ karùn-ún, ó so ẹsẹ̀ kẹrin àti ẹkẹfà mọ́ ilẹ̀. Ìgbàkígbà tí iná 555 bá gòkè, 4013 á yí padà: bó bá wà lókè tẹ́lẹ̀ á wálẹ̀, bó bá wà nílẹ̀ á gòkè. Kò bìkítà bí iná náà ṣe pẹ́ tó lókè, ìgbà tó gòkè nìkan ló ń kà. Láti ìgòkè kan sí èkejì jẹ́ 9.99, ìgòkè tó tẹ̀ lé e náà jẹ́ 9.99. Ó wá di ìgbà 50, ìdajì sí ìdajì, ẹsẹ̀ kìn-ín-ní 4013 fún ẹgbẹ́ kan tiransífọ́mà, ẹsẹ̀ kejì fún ẹgbẹ́ kejì. Ẹsẹ̀ tó ń gba iná wọlé ní apá kejì 4013, tí kò lò, ló dè mọ́lẹ̀. Àwọn aláìfarabalẹ̀ máa ń fi í sílẹ̀ láfẹ́fẹ́, áísì á sì máa ṣe ségesège.

Kapásítọ̀ ló ṣẹ́ kù. Sẹ̀rámíìkì pẹlẹbẹ tó pọ̀ lọ́jà lè fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sí i, ooru inú páálí ínfátà á tún mú un yí padà. Aláwọ̀ ewé ni ọ̀gá ń rà, èyí tí lẹ́tà J tẹ̀ lé 104 lára rẹ̀: kì í yẹ̀ ju ìdá márùn-ún lọ. Ìdá márùn-ún náà ṣì lè sọ 50 di 47 àti ààbọ̀. Nítorí náà, kò fi RB 68k síbẹ̀ ní tààrà. 56k ló fi síbẹ̀, ó so pirísẹ́ẹ̀tì 20k tẹ̀ lé e, ó gbé míta sí Hz, ó sì ń fi súkúrúdíráfà yí i títí ó fi kà 50.0 lẹ́nu 4013. Ó fi kapásítọ̀ 103 so ẹsẹ̀ karùn-ún 555 mọ́ ilẹ̀, kí rúkèrúdò fẹ́ẹ̀tì má baà mì ìlà méjèèjì inú rẹ̀.

Ibi kan ṣì wà tí 4013 kò kún tó. Lójú ẹsẹ̀ ló ń fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ gbá èkejì mú, fẹ́ẹ̀tì kì í sì í tètè pa. Ẹgbẹ́ méjèèjì lè ṣí pọ̀ fún àkókò bíńtín, bátìrì á sì fẹ́ gbá gbogbo agbára rẹ̀ sí wọn. SG3524 tí àwọn mìíràn ń lò ní àlàfo nínú, tí ẹgbẹ́ kan fi ń pa kí èkejì tó ṣí. Tọ̀gá wà lójú ọ̀nà géètì IRF3205 kọ̀ọ̀kan: rẹsítọ̀ kan ń fa ìṣísílẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, dáyóòdù tó sọdá rẹ̀ ń jẹ́ kó tètè pa.

Kó tó so bátìrì ńlá, ó gbé míta sí DC, ó fọwọ́ kan géètì ẹgbẹ́ méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí fóòtì 12, kálukú gbọ́dọ̀ ka 6, torí ìdajì àkókò ni iná fi wà níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá ka 6, tí èkejì ka 4, kì í wá ẹ̀bi sọ́dọ̀ 555. Fẹ́ẹ̀tì kan ní ẹgbẹ́ yẹn ló ti ń jò láti géètì, ó ń fa iná lọ sílẹ̀. Ọ̀gá á máa yọ àwọn fẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí 6 yóò fi padà dé.