Ṣóńṣó Mẹ́rin, Ìgbéyàwó Kan

Numẹrọ́lọ́jì tó gbajúmọ̀ lórí ayélujára lónìí, Amẹ́ríkà ló ti gbèrú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Kì í ṣe Ifá, kò sì bá Ifá tan. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn tọkọtaya fẹ́ràn gan-an: ṣóńṣó mẹ́rin àti ìpèníjà mẹ́rin. Wọ́n ní ayé ẹnì kọ̀ọ̀kan pín sí ìpele mẹ́rin. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ṣóńṣó, tó ń sọ ohun tí ìgbà náà máa mú wá, ó sì ní nọ́ńbà ìpèníjà, tó ń sọ ibi tí bàtà ti máa ta èèyàn lẹ́sẹ̀. Tí ẹ bá wá to ti ọkọ àti ti ìyàwó síra wọn, wọ́n ní máàpù ìgbéyàwó náà ti délẹ̀ nìyẹn, láti ọdún ìfẹ́ dé ọdún ogbó.

Ọ̀nà kan ṣoṣo la fi lè mọ̀ bóyá máàpù dáa: ká mú un lọ sí ìlú tá a ti mọ̀. Mo mú ìgbéyàwó tí gbogbo ọjọ́ rẹ̀ wà ní gbangba. Wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, 1909. Wọ́n bí aya rẹ̀, Hannah Ìdòwú Dídèolú, ní ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá, 1915. Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọjọ́ 26, oṣù Kejìlá, 1937, ikú ọkọ ló sì yà wọ́n ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, 1987.

Ìṣírò náà kò le. Ẹ kọ́kọ́ sọ oṣù, ọjọ́ àti ọdún ìbí di nọ́ńbà ẹyọ kan. Ti Awólọ́wọ̀ jẹ́ 3, 6 àti 1, torí 1909 di 19, 19 di 10, 10 di 1. Oṣù pẹ̀lú ọjọ́ ni ṣóńṣó kìíní: 9. Ọjọ́ pẹ̀lú ọdún ni ìkejì: 7. Ẹ ro méjèèjì yẹn pọ̀, ìkẹta jáde: 16, tó di 7. Oṣù pẹ̀lú ọdún ni ìkẹrin: 4. Fún ìpèníjà, ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ àyọkúrò ni dípò àròpọ̀. Ìpèníjà rẹ̀ kẹrin jẹ́ 2, ìyẹn 3 dín 1.

Ó ku ìgbà. Ẹ ro oṣù, ọjọ́ àti ọdún pọ̀, ẹ yọ ohun tó bá jáde kúrò nínú 36, ibẹ̀ ni ọjọ́ orí tí ṣóńṣó kìíní máa parí. Ti Awólọ́wọ̀ jẹ́ 1, nítorí náà 35. Ìkejì gba ọdún 9, ìkẹta gba ọdún 9, ìkẹrin sì ń lọ títí dé ikú. Àwọn ọdún ìyípadà rẹ̀ ni 1944, 1953 àti 1962.

Ẹ wá wo ti ìyàwó. Ṣóńṣó tirẹ̀ ni 9, 5, 5 àti 9. Ìkìíní parí ní ọmọ ọdún 29. Ẹ fi 29 kún 1915: 1944. Àwọn ọdún kan náà gẹ́lẹ́!

Ó tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. 1944 ni ọkọ fi ilé sílẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. 1962 ni Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fọ́, tí wọ́n mú un. Ní 1963, wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, ọdún yẹn náà ni Ṣẹ́gun àkọ́bí wọn kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, 4 ni iṣẹ́ àṣekára àti ògiri tó há èèyàn mọ́. 9 ni ìfara-ẹni-jìn àti ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni. 2, ìpèníjà ọkọ, ni wàhálà àárín ẹni àti ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́, òun àti igbákejì rẹ̀, Akíntọ́lá, ni ìjà náà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ta ni kò ní gbà?

Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe, nígbà tí nǹkan bá bára mu tó báyìí, mo máa ń lọ wo inú ẹ̀rọ náà.

```python
def r(n): return (n - 1) % 9 + 1
osu, ojo, odun = 3, 6, 1909
print(odun + 36 - r(osu + ojo + odun))   # 1944
```

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn. `odun` wọlé lẹ́ẹ̀mejì: a fi í kún un, a sì tún yọ ọ́ kúrò nínú àkámọ́. Àwọn méjèèjì pa ara wọn. Ohun tó kù tó ń pinnu ibi tí ọdún ìyípadà máa bọ́ sí nínú yípo ọdún mẹ́sàn-án ni ọjọ́ àti oṣù ìbí nìkan. Oṣù pẹ̀lú ọjọ́ ti ọkọ jẹ́ 9, ti ìyàwó náà jẹ́ 9, ó parí. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án péré ni gbogbo ọmọ aráyé pín sí níbí, nítorí náà bíi tọkọtaya kan nínú mẹ́sàn-án ló máa bára mu báyìí, yálà wọ́n fẹ́ràn ara wọn tàbí wọn ò fẹ́ràn ara wọn. Tí wọ́n bá tún ní ìyípadà lè yá ní ọdún kan tàbí kó pẹ́ ní ọdún kan, mẹ́ta nínú ọdún mẹ́sàn-án ti di ọdún ìyípadà nìyẹn. Ibi tí àwọ̀n bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹja á kó sí i.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí máàpù náà ti ṣìnà. Ṣóńṣó kejì àti ìkẹta Awólọ́wọ̀ jẹ́ 7 méjèèjì: ìdáwà, ìwé kíkà, ìfàsẹ́yìn kúrò láwùjọ. Ó bá akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́ńdọ̀nù mu dáadáa. Àmọ́ 7 yẹn náà ló bo 1954 sí 1959, nígbà tó jẹ́ Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955. Ìdáwà wo nìyẹn? Ìyàwó ní 5 láti 1944: òmìnira àti ìrìn àjò. Ọkọ ló rìnrìn àjò, òun wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ń ṣòwò. Kí ẹ má bàa tan ara yín, ẹ kọ ìtumọ̀ nọ́ńbà sílẹ̀ lórí ìwé kẹ́ ẹ tó ṣí ìtàn wò. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lódìkejì, nọ́ńbà gbogbo ló máa bá ìtàn mu.

Ṣùgbọ́n àléébù tó ká mi lára jù kọ́ nìyẹn. Láti 1962 dé 1987, ọdún 25, ìlà kan ṣoṣo ni máàpù fà: 4 fún ọkọ, 9 fún ìyàwó. Ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Ìdáǹdè 1966 wà níbẹ̀. Ipò kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó nígbà ogun wà níbẹ̀, àti ìbò 1979 àti 1983 tó fìdí rẹmi. Fún ẹ̀kọ́ yìí, ìgbà kan náà ni gbogbo wọn. Ìyá wà láyé títí di 2015, ọdún 28 opó, 9 yẹn náà ló ṣì wà. Àgbékalẹ̀ náà kò gbà kí ṣóńṣó kẹta ẹnikẹ́ni kọjá ọmọ ọdún 53. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìyípadà mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí wọ́n fi máàpù yìí sọ fún pé kó fara da ọkọ rẹ̀ di 2028, torí ibẹ̀ ni ìpèníjà ọkọ náà ti máa yí padà. Mo fi ìlà kóòdù yẹn hàn án, mo sì ní kó wò ó bóyá ó rí orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, tàbí ohun tí ọkọ náà ń ṣe sí i nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, a sì ti fagi lé ọdún rẹ̀.