Ibi tí Òfin "-ing" àti "To" Mọ

Òfin kan wà tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́: ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ní "-ing" nídìí ń wẹ̀yìn wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, èyí tí "to" bá ṣáájú rẹ̀ ń wo iwájú. Òfin náà wúlò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń tẹ̀ lé e.

"Remember" ló bá a mu jù. Ẹni tó ní "I remembered to lock the door" kọ́kọ́ rántí, kó tó wá ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ní "I remember locking the door" ti ti ilẹ̀kùn tán kí ìrántí tó dé. Yorùbá náà ya méjèèjì sọ́tọ̀: a ń rántí láti ṣe nǹkan, a sì ń rántí pé a ṣe é.

Ọ̀ràn "stop" yàtọ̀. "He stopped smoking" túmọ̀ sí pé ó jáwọ́ nínú sìgá mímu. Nínú "He stopped to smoke", gbólóhùn náà kò dárúkọ ohun tó dá dúró. Ó lè jẹ́ iṣẹ́, ó lè jẹ́ ìrìn. Ìdí tó fi dúró ni "to smoke" ń sọ. A lè fi "in order to" rọ́pò "to" níbẹ̀ láìsí ìyípadà kankan. Bí a bá dán irú rẹ̀ wò lẹ́yìn "remembered", ìtumọ̀ á dàrú.

Ní ti "try", ọ̀rọ̀ àná àti ọ̀la kọ́ rárá. "She tried to open the window": ṣíṣí fèrèsé gan-an ló ṣòro, ó sì lè má ṣí. "She tried opening the window": ó sábà máa ń jẹ́ pé fèrèsé ṣí, obìnrin náà fẹ́ mọ̀ bóyá ooru yóò dínkù ni. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló ń fi í hàn. "But it was stuck" bá ti àkọ́kọ́ mu, "but the room was still hot" sì bá ìkejì mu.

"Enjoy" kò fúnni ní yíyàn: "-ing" nìkan ló ń gbà. "Mo ń gbádùn láti máa kàwé" ló ń ti ọmọ Yorùbá sí "I enjoy to read", èyí tí Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Àwọn kan á ní ohun tí a ń gbádùn ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, pé òfin náà ṣì dúró. "She suggested going by train" já wọn ní koro, torí ìrìn-àjò náà kò tíì wáyé, síbẹ̀ "-ing" ló gbà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ fi òfin àtẹ̀yìnwá àti iwájú mọ sọ́dọ̀ "remember", "forget" àti "regret". Kó fi ìdí tí ènìyàn fi dúró ṣàlàyé "stop", kó sì fi ohun tí wọ́n ń dán wò ṣàlàyé "try". "Enjoy" àti "suggest" kò ní àlàyé tó ju pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ wọn pẹ̀lú "-ing" láti ọjọ́ àkọ́kọ́.